Ọmọ Ayò Méjìlá, Òbìrí Mẹ́fà

Ọdún mẹ́rin àti oṣù méjì ni mo fi gba éékà mẹ́fà nínú oko tí bàbá mi, Ajíbádé, fi sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà Ayétòrò. N kò fi ariwo gbà á. Ìpàdé ẹbí mẹ́sàn-án ni mo lọ, orí àga kan náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ni mo sì jókòó sí nínú gbogbo wọn, tí mo ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà láì gbé ohùn sókè. Éékà méjìlá ni oko náà. Ìyàwó méjì ni bàbá mi fẹ́. Ìyálé bí ọmọ márùn-ún. Ìyá mi, Lábísí, tí í ṣe ìyàwó kejì, bí èmi nìkan. Bàbá Ọ̀jẹ̀túndé, olórí ẹbí wa, dábàá pé kí a pín in ní orí-ò-jorí, kí ọmọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà gba iye kan náà. Mo ní rárá. Mo ní ìdí-igi ni àṣà tí a bá nílẹ̀: ìyàwó kọ̀ọ̀kan ni igi, ìdí igi ni a sì ń pín ogún sí kí ó tó kan ẹ̀ka. Nígbà tí wọ́n bi mí pé ibo ni mo ti gbọ́ ọ, mo dárúkọ àwọn ilé tí wọ́n ti pín in bẹ́ẹ̀ ládùúgbò, láti Ayétòrò títí dé Ìwòyè-Kétu, mo sì sọ ọdún tí wọ́n pín in. Kò sí ẹni tó lè já mi nírọ́. Òótọ́ ni mo sọ.

Ìdí wà tí mo fi dúró lórí ọ̀rọ̀ mi. Ọlọ́mọ-kan ni wọ́n ń pe ìyá mi títí ó fi kú. Gààrí tó ń yan lẹ́yìnkùlé ni ó fi rán mi lọ sí yunifásítì, ojú rẹ̀ méjèèjì sì pọ́n nítorí èéfín. Ní ọjọ́ tí wọ́n fi ilẹ̀ náà lé mi lọ́wọ́, mo ri òpó sìmẹ́ńtì mọ́ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀, mo sì ní kí wọ́n kọ orúkọ ìyá mi sí ara òpó kọ̀ọ̀kan. Mo dúró láàárín wọn, mo sì rò ó pé a ti ṣe ìdájọ́ òdodo.

Àwọn ọmọ ìyálé pín éékà mẹ́fà tiwọn láàárín ara wọn. Éékà kọ̀ọ̀kan kàn wọ́n, ẹyọ kan sì ṣẹ́ kù. Ẹyọ kan náà ni wọ́n ń jà sí títí di òní. Igbó ti bò ó.

Àkọ́bí wọn ni Ẹ̀gbọ́n Akínlolú. Àgbẹ̀ ni, ṣùgbọ́n éékà kan kò lè bọ́ ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta. Ó kó wọn wá sí Ìlaròó, ó gba yàrá kan, ó sì ń fi ọ̀kadà gbé èrò lọ sí Ìdí-Ìrókò. Ilé ìwé ìjọba tí mo ti ń ṣe olùkọ́ ló sún mọ́ yàrá rẹ̀ jù. Bẹ́ẹ̀ ni orúkọ Títílọpẹ́, ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré tó jẹ́ ọmọ ọdún méje, ṣe bọ́ sínú ìwé orúkọ kíláàsì mi, ìyẹn Pírámárì Kejì. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni nílé ìwé pé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni. Ọmọ náà pẹ̀lú kò sọ. "Àǹtí" ni ó ń pè mí bí àwọn yòókù ṣe ń pè mí, n kò sì bi í léèrè rí bóyá wọ́n ti sọ fún un nílé.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin táàmù kejì, ó kan pínpín. N kì í fi pátákó bẹ̀rẹ̀ pínpín. Ọmọ ọdún méje kò lè fi ojú lásán rí i pé mẹ́rin-mẹ́rin ni méjìlá ń jẹ́ lọ́nà mẹ́ta. Ọwọ́ rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, kí ẹnu tó sọ ọ́, kí bírò tó kọ ọ́. Nítorí náà mo ṣa ọmọ ayò méjìléláàádọ́rin lábẹ́ igi ayò tó wà létí odò nínú oko mi, nítòsí òpó kẹta. Mo fọ̀ wọ́n, mo sá wọn gbẹ, mo sì kó wọn méjìlá-méjìlá sínú agolo mílíìkì mẹ́fà. Ọgbọ̀n ọmọ ni mo ní. Mo pín wọn sí ẹgbẹ́ mẹ́fà, márùn-ún nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, mo fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní agolo kan, mo sì fi ṣọ́ọ̀kì ya òbìrí mẹ́ta sílẹ̀ níwájú wọn.

"Òbìrí kọ̀ọ̀kan, ènìyàn kan ni," ni mo wí. "Ẹ ka ọmọ ayò yín kí ó dá yín lójú pé méjìlá ni. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ẹyọ kan sínú òbìrí kìíní, ẹyọ kan sínú ìkejì, ẹyọ kan sínú ìkẹta. Ẹ padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ má dáwọ́ dúró títí agolo yóò fi ṣófo."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ohùn ọmọ ayò lórí sìmẹ́ńtì dà bí òjò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kán. Kò pẹ́ tí Toheebat fi na ọwọ́ sókè.

"Àǹtí, Husain ń fi méjì-méjì sínú òbìrí tiẹ̀."

"Husain, ta ló ní kí o fi méjì?"

"Àǹtí, èmi ni ẹ̀gbọ́n gbogbo wọn. Mo ti pé ọdún mẹ́jọ."

"Ọ̀sẹ̀ tó kọjá lo pé e," ni Toheebat wí. "Àkàrà ọjọ́ ìbí ẹ ṣì wà níkùn wa. Ẹ̀gbọ́n ọ̀sẹ̀ kan."

Kíláàsì rẹ́rìn-ín. Mo jẹ́ kí wọ́n rín in tán.

"Bí a bá ń pín nǹkan dọ́gba," ni mo wí, "kò sí ẹ̀gbọ́n, kò sí àbúrò. Bí ẹyọ kan bá ti bọ́ sọ́wọ́ ẹnì kan, kò gbọdọ̀ gba òmíràn àfi bí gbogbo àwọn tó kù bá ti gba tiwọn."

Husain tún un pín. Nígbà tí agolo ṣófo, mo ní kí wọ́n ka òbìrí kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n lè rí i pé iye kan náà ni. Mẹ́rin, mẹ́rin, mẹ́rin. Mo ní kí wọ́n fi ẹnu sọ ọ́: bí a bá pín méjìlá fún ènìyàn mẹ́ta, mẹ́rin ni yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Mo ya òbìrí kan kún un, wọ́n tún kó gbogbo rẹ̀ sínú agolo, wọ́n tún pín in: mẹ́ta-mẹ́ta. Mo rí i lójú wọn pé ó ti ń wọ̀ wọ́n lára.

Ibẹ̀ ni ó ti yẹ kí n dúró. Mẹ́ta àti mẹ́rin péré ni mo kọ sínú ìwé ètò ẹ̀kọ́ mi fún ọjọ́ náà. Kò sí ohun tó ní kí n dé orí mẹ́fà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó ní kí n fi bàbá kan sínú rẹ̀. Títí di òní n kò lè sọ ohun tó gbé e sí mi lẹ́nu.

"Bàbá kan ní ọsàn méjìlá," ni mo wí, "ó sì ní ọmọ mẹ́fà. Ó fẹ́ pín ọsàn náà fún wọn. Mélòó ni yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan? Kí kálukú gbìyànjú tirẹ̀ nínú ìwé." Mo fún wọn ní ìṣẹ́jú díẹ̀. "Títílọpẹ́, ìwọ ni kí o kọ́kọ́ wá ṣe é níwájú."

Ó jáde wá, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òbìrí mẹ́fà tí mo yà. Ó gbé agolo náà lọ́wọ́, kò dà á.

"Àǹtí, ìyá mélòó ló bí wọn?"

Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Ìtẹ́olúwakìíṣí, tí wọ́n ń pè ní Kìíṣí, ní, "Ìyá ọsàn ni àbí ìyá àwọn ọmọ?"

"Bàbá kan ló ni wọ́n," ni mo dáhùn. "Pín in."

Ó da ọmọ ayò sílẹ̀, ó sì pín wọn sí òkìtì méjì, ẹyọ kan síhìn-ín, ẹyọ kan sọ́hùn-ún, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe kọ́ ọ, títí òkìtì méjèèjì fi di mẹ́fà-mẹ́fà. Ó fi ọwọ́ wọ́ òkìtì kan lọ sínú òbìrí ìkẹfà, gbogbo rẹ̀ pátá. Ó wá mú òkìtì kejì, ó sì ń fi í sínú òbìrí márùn-ún tó kù: ẹyọ kan, ẹyọ kan, ẹyọ kan, ẹyọ kan, ẹyọ kan. Ẹyọ kan ṣẹ́ kù sí i lọ́wọ́. Ó gbé ojú sókè wò mí, ó sì na ẹyọ náà sí mi.

"Kí nìyí?" ni mo bi í.

"Àǹtí, ẹni yìí, òun nìkan ni ìyá rẹ̀ bí. Àwọn márùn-ún yìí, ìyá kan ló bí wọn. Èyí tó kù yìí, wọ́n á máa jà sí i."

Kò sí ohun ẹ̀gàn kankan nínú ohùn rẹ̀. Ó sọ ọ́ bí ọmọ ṣe ń sọ pé ìlà-oòrùn ni oòrùn ti ń yọ.

"Ta ló kọ́ ọ ní irú ìpín yìí?"

"Bí wọ́n ṣe pín oko Bàbá Àgbà nìyẹn, Àǹtí."

Mo mọ ohun tí olùkọ́ rere ì bá ṣe. Mo ti kọ́ ọ, mo ti gba ìwé ẹ̀rí lórí rẹ̀. Olùkọ́ rere yóò rí i pé ọmọ náà mọ̀ ọ́n pín: ó pín méjìlá sí méjì, kò ṣìṣe, ó pín mẹ́fà fún márùn-ún, ó sì mọ̀ pé ẹyọ kan ṣẹ́ kù, ohun tí n kò tíì kọ́ ẹnikẹ́ni nínú kíláàsì náà. Kò sí ohun tó ṣì í lọ́wọ́ ju ìtumọ̀ tó fún pínpín lọ. Gbólóhùn jẹ́ẹ́jẹ́ kan ì bá tó.

Èmi kò sọ ọ́. Mo gba ẹyọ náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo fi ẹsẹ̀ da gbogbo ọmọ ayò inú òbìrí náà rú, mo sì kọjú sí kíláàsì.

"Ẹ gbọ́, gbogbo yín. Orí kọ̀ọ̀kan ni a ń pín in fún. Ẹni tó bá fi púpọ̀ sọ́dọ̀ ẹnì kan, tó fi díẹ̀ sọ́dọ̀ àwọn yòókù, kò pín in dọ́gba. Ó ṣe àṣìṣe. Ohun tí wọ́n ń ṣe nílé yín kọ́ ni a wá ṣe níbí."

Wọ́n tún un wí lẹ́yìn mi: orí kọ̀ọ̀kan ni a ń pín in fún. Ọgbọ̀n ẹnu. Mo gbọ́ ẹnu Títílọpẹ́ nínú wọn.

Nígbà tí mo ń máàkì ìwé wọn lọ́sàn-án, mo rí i pé ó ti ya òbìrí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sínú ìwé rẹ̀ kí n tó pè é síwájú, mẹ́fà nínú ọ̀kan, ẹyọ kọ̀ọ̀kan nínú márùn-ún, àmì tóótó kan fún èyí tó ṣẹ́ kù sì wà ní etí ìwé. Mo fi bírò pupa fa àgbélébùú lé e lórí. Lábẹ́ rẹ̀ ni mo kọ ọ́ sí pé: "Kò mọ pínpín. Kí àwọn òbí rẹ̀ ràn án lọ́wọ́ nílé." Ìkọ̀wé mi rẹwà, wọ́n ti ń yìn mí fún un láti kékeré.

Fún ọjọ́ mẹ́ta, Títílọpẹ́ kò fọwọ́ kan ọmọ ayò mọ́. Bí agolo bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, yóò tì í sí ọ̀dọ̀ Toheebat. Bí mo bá bi í ní ìbéèrè, yóò wo ìwé Husain kí ó tó dáhùn. Ìdáhùn rẹ̀ ń tọ̀nà, n kò sì lè rí ohun tí mo máa bá a wí lé lórí.

Ní ọjọ́ kẹrin, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ti lọ ilé, Ẹ̀gbọ́n Akínlolú dúró lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì mi. Akoto ọ̀kadà wà lápá rẹ̀, ìwé ọmọ rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀, tó ká a sínú láílọ́ọ̀nù kí eruku má bà á. Láti ọjọ́ tí a ti pín ilẹ̀, a kò tíì dá wà nínú yàrá kan náà.

"Ẹ káàsán, Tíṣà," ni ó wí.

Ọdún mẹ́sàn-án ni ó fi jù mí lọ. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n máa ń pọ̀n mí sí lọ sí oko. Mo kúnlẹ̀. Kò jẹ́ kí orúnkún mi kan ilẹ̀.

"Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́. Ọ̀rọ̀ ilé ìwé ni mo bá wá." Ó ṣí ìwé náà sí ojú ewé tí bírò pupa wà. "Wọ́n kà á fún mi pé ọmọ mi kò mọ pínpín, kí n ràn án lọ́wọ́ nílé. Mo fẹ́ ràn án lọ́wọ́. Ẹ kọ́ mi kí n lè kọ́ ọ."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jókòó."

Ó wo àwọn àga. Àga ọmọ ọdún méje ni gbogbo wọn. Ó jókòó sórí ọ̀kan, orúnkún rẹ̀ sì ga dé àyà rẹ̀. Mo gbé agolo kan wá. Mo ya òbìrí mẹ́fà sórí tábìlì kékeré náà láì wo ojú rẹ̀.

"Méjìlá ni," ni mo wí. "Ọmọ mẹ́fà. Ẹ fi ẹyọ kọ̀ọ̀kan sínú òbìrí kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tó padà sí ìbẹ̀rẹ̀."

Ó mú ọmọ ayò kan, ó yí i láàárín ìka rẹ̀. "Igi ayò etí odò nìyí," ni ó wí. "Bàbá ló gbìn ín." Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í pín in. Ọwọ́ àgbẹ̀ tóbi. Ọmọ ayò kéré nínú rẹ̀. Ẹyọ kan, ẹyọ kan, ẹyọ kan, títí dé ìkẹfà. Ó padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ẹyọ kan, ẹyọ kan. Agolo ṣófo. Ó yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ku nǹkan. Kò ku nǹkan kan.

"Méjì-méjì," ni ó wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Kò sì sí èyí tó ṣẹ́ kù tí wọ́n á máa jà sí."

"Kò sí, Ẹ̀gbọ́n."

"Bí ẹ ṣe ń kọ́ gbogbo wọn nìyí?"

"Bí a ṣe ń kọ́ wọn nìyí."

Ó mi orí. Ó wo òbìrí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà náà pẹ́, ó sì rín ẹ̀rín díẹ̀ tí kò dé ojú rẹ̀.

"Ẹ má bínú sí ọmọ náà," ni ó wí. "Ó bi mí léèrè ohun tó gbé wa kúrò lóko, mo sì fi òkúta pín in sílẹ̀ fún un kó lè yé e. Àwa tí a kò kàwé, ohun tí àwọn tó kàwé bá kọ́ wa là ń kọ́ àwọn ọmọ wa. Màá sọ fún un pé wọ́n ti yí i padà."

Ó dìde, ó kó ọmọ ayò padà sínú agolo, ó kà á kí ó lè pé méjìlá, ó sì gbé e lé mi lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ó dé akoto rẹ̀, ó kí mi pé ó dàárọ̀, ó sì lọ. Mo gbọ́ ìró ọ̀kadà rẹ̀ títí ó fi kọjá sí ojú títì.

Mo jókòó sórí àga kékeré tó dìde lórí rẹ̀. Mo gbìyànjú láti ronú nípa ìyá mi, nítorí pé òun ni mo máa ń gbé síwájú bí ọkàn mi bá fẹ́ dá mi lẹ́bi. Ojú rẹ̀ tó pọ́n nítorí èéfín wá sí mi lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn bá a wá: nínú oṣù tí gààrí wọ́n, tí ó bá yan ìwọ̀n díẹ̀, abọ́ mẹ́fà ni ó máa ń tò sílẹ̀ lẹ́yìnkùlé, tirẹ̀ kò sí níbẹ̀, yóò sì fi ife kan náà bu ún fún àwa mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ife kan, abọ́ kan. Ẹ̀gbọ́n Akínlolú ni ó ń bá a gbé àwọn abọ́ náà. Orúkọ obìnrin yìí ni mo kọ sí ara òpó mẹ́rin.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí n tó pe orúkọ, mo ní kí Títílọpẹ́ wá síwájú. Ó wá, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀. Mo ṣí ìwé rẹ̀, mo fa ìlà sórí ohun tí mo kọ, mo sì kọ òmíràn sí i níṣojú rẹ̀. Mo kà á sókè: "Títílọpẹ́ mọ pínpín. Ó tún mọ ohun tó ṣẹ́ kù."

"Ẹ gbọ́, gbogbo yín," ni mo wí. "Nígbà tí Títílọpẹ́ bi mí pé ìyá mélòó ló bí àwọn ọmọ náà, ó yẹ kí n dá a lóhùn. Àwọn àgbà kan máa ń pín nǹkan bí ó ṣe pín in. Àwọn àgbà náà ló ṣe é kí ó tó rí i. Kì í ṣe ìpín dọ́gba, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló dá a sílẹ̀. Mo bú u láìtọ́. Títílọpẹ́, má bínú."

Àwọn ọmọ kò tíì gbọ́ kí olùkọ́ bẹ ọmọdé rí. Husain ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó sì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ sí Toheebat: "Ṣé o rí i? Àgbà náà máa ń gba ju tiẹ̀ lọ."

"Àgbà tí wọ́n máa bá wí," ni Toheebat dáhùn.

Mo gbé agolo fún Títílọpẹ́. Kò tì í kúrò. Ó kúnlẹ̀, ó sì pín ọmọ ayò náà sínú òbìrí mẹ́fà, ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ó padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ó ka ti òbìrí kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó dé orí ìkẹfà, ó gbé ojú sókè.

"Àǹtí, ẹni tó ní mẹ́fà tẹ́lẹ̀, mélòó ni yóò dá padà?"

"Kà á," ni mo wí.

Ó fi ìka kà á. Ó gba mẹ́fà, méjì ni tirẹ̀, mẹ́rin ni yóò dá padà. Bí mẹ́rin náà bá kún ẹyọ kan tí wọ́n ń jà sí, ó di márùn-ún, ẹyọ kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn márùn-ún. Kò ṣẹ́ ku nǹkan kan. Ọmọ ọdún méje ni ó rí i, láàárín ìṣẹ́jú kan, lórí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì. Ọdún mẹ́rin àti oṣù méjì ni mo fi kọ̀ láti rí i.

N kò tíì lọ sí Ayétòrò. N kò tíì ránṣẹ́ sí Bàbá Ọ̀jẹ̀túndé pé kí ó pe ẹbí jọ, òpó mẹ́rin náà sì ṣì wà ní ìdúró. Ṣùgbọ́n mo ti kà á, mo sì mọ iye rẹ̀. Mo jẹ àwọn ọmọ bàbá mi ní éékà mẹ́rin.